Ìpínrọ̀ Àkọ́kọ́: Kí La Fẹ́ Fi Ibà Ọmọ Ọdún Méje Ṣe?

Oṣù Kárùn-ún kò jìnnà mọ́. Fọ́ọ̀mù AMCAS yóò ṣí, ẹ̀yin tó ń múra àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àròkọ ránṣẹ́ sí ara yín lórí Wasáàpù ní aago méjì òru. Àwa mẹ́rin tí à ń kọ èyí ti ń ka ti ara wa láti oṣù Kìíní. Ká sọ òótọ́, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa. Ibẹ̀ ni ibà máa ń gbà wọlé.

Ẹ mọ ibà tí à ń sọ. Ọmọ ọdún méje dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Òṣogbo tàbí ní Ìbàdàn. Ara rẹ̀ ń gbóná bí iná. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ń gbàdúrà. Dókítà wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gún un lábẹ́rẹ́, ara ọmọ balẹ̀, ọmọ sì pinnu lọ́jọ́ náà pé dókítà lòun náà máa dà. Bí kì í bá ṣe ibà, á jẹ́ ikọ́ fée, tàbí bàbá àgbà tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa tí a máa pè ní Ọmọ Ìjẹ̀ṣà níbí kọ ti ibà, òótọ́ ló sì kọ. Gìrì mú un, wọ́n gbé e lóru, kò kú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni.

Ẹnì kan nínú wa wá béèrè pé: "Tí a bá pa orúkọ rẹ rẹ́ lórí ìwé yìí, tí a kọ orúkọ tèmi sí i, kí ló máa yí padà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí ibà kò gbé dé ọsibítù rí nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìtàn náà burú. Ohun tó ń da àwa láàmú ni pé ẹni tó ń kọ̀wé kò ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ ni. Dókítà ló ronú, nọ́ọ̀sì ló fi abẹ́rẹ́ gún un, ìyá ló sanwó. Ẹni tó bá ka ìpínrọ̀ náà tán á mọ̀ pé dókítà Òṣogbo yẹn dára, ṣùgbọ́n dókítà Òṣogbo kọ́ ló ń wá àyè. Ìbéèrè tí fọ́ọ̀mù náà béèrè kò ju ọ̀kan lọ: kí ló dé tí o fi fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn? Ìpinnu ọmọ ọdún méje kò lè dáhùn rẹ̀, torí ọmọ ọdún méje náà tún fẹ́ jẹ́ awakọ̀ òfuurufú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń kà á fẹ́ mọ ohun tí o ti fi ojú àgbà rí nínú iṣẹ́ náà, àti ìdí tó fi jẹ́ iṣẹ́ dókítà gan-an, tí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì tàbí ti apòògùn.

Àyè kò sì pọ̀. Lẹ́tà 5,300 ni gbogbo àròkọ náà gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn máa ń jẹ́ bí ojú ìwé kan àtààbọ̀. Tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bá gba lẹ́tà 700, ó ti jẹ ju ìdá mẹ́jọ lọ, ẹni tó bá fi wọ́n sórí ibà ti ná owó náà tán kó tó dé ọjà.

A pa ìwé náà dé, a bi Ọmọ Ìjẹ̀ṣà léèrè ohun tó ṣe ní Sátidé tó kọjá. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. A ní, kò ṣe nǹkan kan báwo? Ó ní ó kàn lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń pàdé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí àyẹ̀wò náà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ti ń bá wọn wọn ẹ̀jẹ̀ láti nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Kò tilẹ̀ kà á sí. Lójú tirẹ̀, ọsibítù ni iṣẹ́ ìṣègùn wà, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kò sí nínú rẹ̀.

A ní kó sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan péré. Ó ronú, ó wá sọ ti ìyá kan.

Ìyá náà wọlé, ó ní ara òun le, kí wọ́n kàn bá òun wò ó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà mú un jókòó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kó gbé apá sórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń ṣòro jù fún àwọn ìyá wa, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n fẹ́ kí. Ó tún yẹ ọ̀já tí wọ́n ń dì mọ́ apá wò, torí ọ̀já tó bá kéré jù fún apá a máa jẹ́ kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wọ̀n ọ́n, ó bá 172/104. Ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 168/100. Lórí fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó ń lo oògùn, ìyá ti fa igi sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n. Ìyá wò ó, wọ́n ní: "Ẹ̀rọ yín ló ń ṣe ségesège. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru lónìí, orí ò fọ́ mi."

Ibí yìí ni ìjókòó wa ti yí padà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ gbólóhùn yẹn bí ẹni ń pa àwàdà, ó fẹ́ kọjá lọ, a ní kó padà. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, òun ro ó lọ́jọ́ náà. Nínú èdè wa, a ní ẹ̀jẹ̀ ń ru bí ọtí ṣe ń ru, bí inú ẹni ṣe ń ru nígbà ìbínú. Ohun tó bá ń ru, ẹni tó ń ru nínú rẹ̀ yẹ kó mọ̀. Orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún ìyá pé ara òun máa sọ fún òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè ga fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ènìyàn má mọ nǹkan kan lára. Ló bá fi ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì orí fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, ó béèrè ní Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?" Ìyá ní ó tó ọjọ́ mẹ́wàá, ọrùn ló wúwo lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú ike oògùn jáde nínú báàgì. Ámílódípìn ni, mílígíráàmù mẹ́wàá, ọgbọ̀n hóró, wọ́n ti gbà á láti oṣù mẹ́ta, ó sì ju ìdajì lọ tó ṣẹ́ kù. Wọn kò purọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Wọ́n ń lo oògùn lóòótọ́, nígbàkígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ru.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣàlàyé, ìyá gbọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé ìró sókè díẹ̀, wọ́n fi ọrùn ẹsẹ̀ hàn án. "Tí mo bá lò ó lójoojúmọ́, wò ó bó ṣe ń wú." Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ wíwú wà lára ohun tí ámílódípìn máa ń fà, àgàgà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀. Ó mọ̀ pé dókítà lè dín in kù, tàbí kó fi oògùn mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ bí ẹni ń pàṣẹ, kò sì mọ èyí tó yẹ ìyá yìí nínú wọn, torí kò mọ bí kíndìnrín wọn ṣe rí, kò mọ ohun tí wọ́n ti gbìyànjú rí. Ó pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì béèrè nípa àyà dídùn, ojú tó ń ṣú, èémí tó ń kúrú. Kò sí ọ̀kankan. Wọ́n jọ kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú sórí ìwé fún dókítà ìyá náà, nọ́ọ̀sì sì pe ilé ìwòsàn náà láti bá wọn gba ọjọ́ tí wọ́n máa rí i.

A dákẹ́. Ọkùnrin tó ní òun kò ṣe nǹkan kan ní Sátidé!

Ẹ má rò pé ìpínrọ̀ náà wá kọ ara rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kọ fi ara rẹ̀ ṣe akọni: ó gba ìyá là lọ́wọ́ ikú, omijé ìdùnnú bọ́ lójú ìyá. Kò sí omijé kankan níbẹ̀, ìyá kò tilẹ̀ tíì gbà tán pé ẹ̀rọ kò ṣe ségesège. A yọ ọ́. Ó tún kọ irú ọjà tí ìyá ń tà, ìlú tí wọ́n ti wá àti àwọ̀ gèlè wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà á mọ ẹni tó ń bá wí. Ìyẹn náà kúrò. Ìlera ìyá kì í ṣe tiwa láti pín kiri. Èyí tó kọ tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró ọkàn tó ń lù kì kì kì bí ìlù dùndún, a sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí onídùndún sinmi.

Èyí tó dúró nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ó lé díẹ̀ ní lẹ́tà 700. Àwa la yí i sí Yorùbá níbí:

"Ìyá náà sọ fún mi pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Mo ti wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ga lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n orí kò fọ́ wọn. Ní èdè tí àwa méjèèjì ń sọ nílé, orúkọ àìsàn yìí túmọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, ohun tó bá sì ń ru, ènìyàn yẹ kó mọ̀ ọ́n lára. Lórí fọ́ọ̀mù wa, wọ́n ti dáhùn pé àwọn ń lo oògùn. Mo béèrè lọ́nà mìíràn, mo sì wá mọ̀ pé ọjọ́ tí ọrùn bá wúwo nìkan ni wọ́n ń lò ó. Mo lè ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tí oògùn náà mú wú hàn mí, tí wọ́n bi mí pé kí ni kí àwọn wá lò, n kò ní ìdáhùn tí mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lépa ìdáhùn yẹn."

Ẹ wo ibi tí ìpínrọ̀ náà gbé ìdí kalẹ̀ sí. Kò sọ pé òun fẹ́ràn ènìyàn, kò sọ pé òun mọ èdè méjì, a kàn rí i tó ń fi èdè náà ṣiṣẹ́. Gbólóhùn tó ṣáájú ìparí, níbi tó ti ní òun kò ní ìdáhùn, ló ń dáhùn ìbéèrè fọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì, apòògùn, ẹni tó ń kọ́ ará ìlú, gbogbo wọn ló lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Kí ènìyàn wo kíndìnrín, ẹsẹ̀ àti ìtàn ara ẹnì kan pọ̀, kó yan oògùn mìíràn, kó sì dúró ti ohun tó yàn, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Gbólóhùn ìkẹyìn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀tàn: ìpínrọ̀ kejì ní láti fi hàn bó ṣe lépa rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ohun tó lè fi tẹ̀ lé e, ó ti ń tẹ̀ lé dókítà kan kiri ní ilé ìwòsàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ oògùn fún ènìyàn. Ká ní kò ní i, a kò bá ní kó yọ gbólóhùn náà.

Nọ́ńbà 172/104 kò sí nínú ìpínrọ̀, àti iye oṣù tó ti lò níbẹ̀. Apá iṣẹ́ àti ìgbòkègbodò wà nínú AMCAS tó gba nǹkan 15, lẹ́tà 700 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tó bá sì ṣe pàtàkì jù lè tún gba 1,325 sí i. Ibẹ̀ ni wákàtí àti oṣù ń gbé.

Bí ó ṣe mọ ibi tí àyè rẹ̀ mọ yẹn tún ràn án lọ́wọ́ ju bó ṣe rò lọ. A ti ka àròkọ ẹnì kan tó lọ sílé fún ọlidé, tó sì fi ìdùnnú kọ ọ́ pé wọ́n jẹ́ kí òun rán ojú egbò ní ọsibítù kékeré kan. Ó rò pé ìgboyà lòun ń fi hàn. Lójú àwọn tó ń gbani síbí, ẹni tí kò tíì kọ́ ọ tó sì gbà láti rán ènìyàn jẹ́ ẹni tí wọ́n ní láti bẹ̀rù. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, AAMC, tilẹ̀ ní ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n kọ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá ló le fún wa. Òun ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Nígbà tí a ń fi ibà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe yẹ̀yẹ́, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní: "Ẹ̀yin ẹ ní ibà, ó lọ. Tèmi kò lọ. Tí mo bá yọ àìsàn kúrò nínú ìwé mi, ta ló kù?"

A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìpínrọ̀ tó kọ dá lórí ìrora ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì jọ ti ibà ní gbogbo ọ̀nà, bẹ́ẹ̀dì àti dókítà ẹlẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ẹ̀gbá ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé dókítà ní yàrá pàjáwìrì kan báyìí: dókítà ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ nípa aláìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde kan pé ara rẹ̀ balẹ̀, pé fóònù ló ń tẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá mọ ìdí tí ènìyàn fi ń tẹ fóònù nígbà tí egungun bá ń ro ó bí ẹni ń lu ú lóòlù: kó lè gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ ohun tí dókítà bá sọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ dókítà náà bóyá wọ́n lè tún bi aláìsàn náà pé ìrora rẹ̀ tó mélòó. Dókítà padà lọ bi í. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú èdè ìfura, èkejì láìsí i. Àwọn tó ka ti ìfura kò fẹ́ tọ́jú ìrora náà dáadáa bí àwọn yòókù. Ọmọ Ẹ̀gbá kò tíì ka ìwádìí náà nígbà tó béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó jiyàn. Ibi tí a ti pín sí méjì ni bóyá kó sọ níbẹ̀ pé òun náà ní àìsàn náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kejì, torí ẹni tó bá ń kà á máa béèrè bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ fóònù. Àwọn yòókù ní kó jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dúró títí dé ìpínrọ̀ kẹta, kí wọ́n kọ́kọ́ rí òṣìṣẹ́ tó fi ọgbọ́n béèrè, kí wọ́n tó rí aláìsàn. Ó tún lè gbé ìtàn ọsibítù tirẹ̀ lọ sí apá tí fọ́ọ̀mù náà pè ní Other Impactful Experiences, lẹ́tà 1,325, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ìṣòro tó ti dí ènìyàn lọ́nà. Kò pọn dandan kó kọ ọ́ rárá. Ọmọ Ẹ̀gbá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun fi í pamọ́, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú òun.

Tí ènìyàn bá ti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, kò lè yí àròkọ padà mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti ka tirẹ̀ sókè fún wa lẹ́ẹ̀mẹta láti fi etí mú àṣìṣe. Ọmọ Ẹ̀gbá ní ẹ̀dà méjì lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn kejì náà, ọ̀kan láìsí i, kò sì tíì sọ fún wa èyí tó máa fi ránṣẹ́.